Ẹ Wo Àdírẹ́sì, Ẹ Má Wo Ojú Ẹni Tó Fi Ránṣẹ́

Àárọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà sábà máa ń wọlé, láàárín "ẹ káàárọ̀ o" àti àwòrán òdòdó tí gúrúùpù ẹbí fi ń bẹ̀rẹ̀ ọjọ́. "Ìjọba àpapọ̀ ti ń pín ₦50,000 fún àwọn àgbà tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Èmi ti gba tèmi. Òní ló máa parí o, ẹ tètè tẹ ìsàlẹ̀ yìí." Àwòrán àsíá Nàìjíríà wà níbẹ̀, líǹkì aláwọ̀ búlúù sì tẹ̀ lé e. Ẹni tó fi ránṣẹ́ kì í ṣe àjèjì. Ọmọ àbúrò Màmá ni, èyí tó ń ṣe tíṣà ní Adó-Èkìtì, tí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí kò mọ̀ mọ́ irọ́.

Irú ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Nígbà ìsémọ́lé àrùn kòrónà ní 2020, tí ìjọba ń sọ̀rọ̀ oúnjẹ àti owó ìrànwọ́ lóòótọ́, ayédèrú líǹkì ìrànwọ́ gba orí Wásáàpù kan. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, tí orúkọ owó ìrànwọ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lórí rédíò, líǹkì náà tún padà. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí a máa gbọ́ ìròyìn dáadáa. Ohun tí ará ìlú ń retí lọ́wọ́lọ́wọ́ ni wọ́n máa ń fi sẹ́nu ìwọ̀.

Àwọn ọmọ máa ń rò pé àìmọ fóònù lò ló ń kó àgbàlagbà sí pàkúté yìí. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Màmá tó ń ná owó lọ́jà Ọjà-Ọba, tí kò sí oníṣòwò tó lè rẹ́ wọn jẹ, á tẹ líǹkì yìí láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì, torí ọmọ àbúrò wọn ni wọ́n gbà gbọ́, wọn ò wo líǹkì rárá. Nítorí náà, ó yẹ kí Màmá kọ́kọ́ mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rìn dé ọwọ́ ọmọ ọ̀hún.

Ẹni tó bá tẹ líǹkì náà yóò bá ojú ewé kan tó jọ ti ìjọba. Wọ́n á bi í léèrè mẹ́ta tàbí mẹ́rin: kí ni orúkọ rẹ, ìpínlẹ̀ wo lo ti wá, ṣé o ní àkáǹtì ní báǹkì? Ohun yòówù kó dáhùn, ojú ewé náà á sọ pé wọ́n ti fọwọ́ sí i. Ó ku ohun kan ṣoṣo kí owó tó wọlé: kí ó fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí gúrúùpù márùn-ún tàbí èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bọ́tìnì aláwọ̀ ewé kan wà níbẹ̀ fún un. Bí ó bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni ìlà kan lókè á máa kún díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé ẹnì kan ń ka iye èèyàn tí ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìlà náà kò mọ ẹnikẹ́ni. Iye ìgbà tí a tẹ bọ́tìnì nìkan ló ń kà.

Bọ́tìnì yẹn gan-an ni ẹ̀rọ iṣẹ́ náà. Tí a bá tẹ̀ ẹ́, Wásáàpù á ṣí, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ á sì wà nínú àpótí ìkọ̀wé, ó ku kí a fi ránṣẹ́. "Èmi ti gba tèmi" wà nínú rẹ̀ kí tíṣà Adó-Èkìtì tó fọwọ́ kàn án. Kò gba kọ́bọ̀. Kò sì mọ̀ pé òun ti jẹ́rìí èké lójú gbogbo ẹbí.

Ìsàlẹ̀ ojú ewé yẹn náà tó ìran wò. Àwọn èèyàn ń dúpẹ́ níbẹ̀, pẹ̀lú fọ́tò àti orúkọ: "Mo ti rí álẹ́ẹ̀tì o, ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run," ìṣẹ́jú méjì sẹ́yìn. Ẹni tó bá padà wò ó lọ́la á rí i pé ìṣẹ́jú méjì sẹ́yìn náà ni ọpẹ́ yẹn ṣì wà, torí wọ́n kọ ọ́ mọ́ ojú ewé náà ni bí ìgbà tí èèyàn kọ nǹkan sára ògiri. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni ohun tí wọ́n ń wá gan-an á tó yọjú. Àwọn kan ń fẹ́ kí ìpolówó ọjà máa já lu èèyàn, kí owó ìpolówó wọ àpò wọn. Àwọn wọ̀nyí ló ṣì dáa díẹ̀. Àwọn mìíràn á béèrè BVN, nọ́ńbà káàdì ATM, àti nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tí báǹkì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ránṣẹ́ sórí fóònù.

Ní báyìí, líǹkì wà lójú fóònù Màmá. Kí ni kí wọ́n ṣe?

Kí wọ́n má tíì tẹ nǹkan kan. Kíkà ni ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́, kíkà kò sì lè pa ẹnikẹ́ni lára. Nínú ọ̀rọ̀ lásán tí mọ̀lẹ́bí ń fi ránṣẹ́ síra wọn lórí Wásáàpù, lẹ́tà líǹkì tí a ń rí ni àdírẹ́sì gan-an; kò sí òmíràn tó fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ nínú ímeèlì, níbi tí wọ́n ti lè kọ ohun kan sókè kí líǹkì abẹ́ rẹ̀ máa lọ sí ibòmíràn. Ṣùgbọ́n kí Màmá má gbára lé àwòrán àti àkọlé gàdàgbà tó bá líǹkì wá o. Ẹni tó ni ojú ewé ló ń yan àwòrán àti àkọlé yẹn. Tó bá wù ú, ó lè gbé òǹtẹ̀ ìjọba síbẹ̀.

Tí lẹ́tà náà bá kéré jù fún ojú àgbà, ọmọ kan lè bá wọn sọ ọ́ di ńlá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lórí fóònù Android, inú Wásáàpù náà ni wọ́n ti ń ṣe é: `Settings`, lẹ́yìn náà `Chats`, lẹ́yìn náà `Font size`, kí wọ́n sì mú `Large`. Ọ̀pọ̀ jìbìtì orí àdírẹ́sì wà lórí àmì tó kéré bí ojú abẹ́rẹ́, nítorí náà iṣẹ́ yìí ló yẹ kó ṣáájú ìkìlọ̀ èyíkéyìí.

Ká ní àdírẹ́sì tí Màmá rí nìyí:

```
https://cbn.gov.ng.owo-iranwo.example/gba
```

Tí wọ́n bá kà á láti apá òsì bí a ṣe ń ka ìwé, CBN ni wọ́n máa kọ́kọ́ rí, ìyẹn Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà. Wọ́n á rí `gov`, wọ́n á rí `ng`, ọkàn wọn á balẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi tò ó bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n apá ọ̀tún ni orúkọ ẹni tó ni ilé máa ń wà. Kí Màmá fojú fo `https://`. Kí wọ́n wá ìlà àkọ́kọ́ tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìyẹn, `/`, kí wọ́n sì fi ìka bo ìlà náà àti ohun gbogbo tó tẹ̀ lé e. Ohun tó kù ni `cbn.gov.ng.owo-iranwo.example`. Kí wọ́n wá máa kà á bọ̀ láti ẹ̀yìn: `example`, lẹ́yìn náà `owo-iranwo`. Onílé ti fara hàn. `owo-iranwo.example` ló ni ibẹ̀, gbogbo ohun tó wà níwájú rẹ̀ jẹ́ orúkọ yàrá tí onílé fúnra rẹ̀ sọ bó ṣe wù ú. Kò gba àṣẹ lọ́wọ́ Báǹkì Àpapọ̀ kó tó pe yàrá rẹ̀ ní CBN.

Ti Báǹkì Àpapọ̀ gan-an ni `https://www.cbn.gov.ng/`. Tí a bá fi ìka bo ìlà tó fì, `.gov.ng` ló wà ní ìparí. Ẹnikẹ́ni kò kàn lè ra àdírẹ́sì tó parí sí `.gov.ng`. Iléeṣẹ́ ìjọba Nàìjíríà nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún. Nítorí náà, tí ọ̀rọ̀ bá ní ìjọba Nàìjíríà ló rán òun níṣẹ́, ìlànà náà rọrùn: `.gov.ng` gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun ìgbẹ̀yìn kí a tó kan ìlà tó fì. Tí àmì dáàṣì bá wà níbi tó yẹ kí àmì ìdánudúró wà, bí i `cbn-gov-ng`, orúkọ lásán ni. Fún àwọn tí ọmọ wọn ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, `.gov.uk` ni ti ìjọba ibẹ̀.

Ìlànà kan náà ló ń dá líǹkì rere láre. Ká ní ọmọ-ọmọ Màmá ń sọmọ lórúkọ ní Manchester, tí wọ́n wá fi líǹkì Súùmù sínú gúrúùpù. Ó lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `us02web`, kí nọ́ńbà gígùn wà lẹ́yìn rẹ̀, kó sì bani lẹ́rù. Ṣùgbọ́n kí ó tó kan ìlà tó fì, `zoom.us` ló fi parí, ilé Súùmù náà sì nìyẹn. Ìwàásù orí Yùtúùbù á parí sí `youtube.com` tàbí `youtu.be`. Màmá ń retí ìsọmọlórúkọ náà, àdírẹ́sì sì péye, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ohun kan ló kù tí wọ́n á máa ṣọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá wọlé: líǹkì ìsọmọlórúkọ kò ní nǹkan í fi nọ́ńbà àkáǹtì ṣe. Ibi tí ojú ewé bá ti béèrè ohun tí kò bá ìdí tí a fi wá mu, ibẹ̀ ni kí wọ́n ti jáde.

Líǹkì kan wà tí kíkà kò ràn, ìyẹn èyí tí wọ́n gé kúrú, bí àwọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `bit.ly`. Orúkọ ẹni tó gé e kúrú nìkan ló ń hàn, a kò lè mọ ibi tó ń lọ. Kí Màmá fi í sílẹ̀ títí ẹni tó fi ránṣẹ́ á fi lè ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ kan kan àwa tí a ń ka Yorùbá ju àwọn yòókù lọ. Àmì abẹ́ `ọ`, `ẹ` àti `ṣ` ti mọ́ wa lójú débi pé a kì í rí i mọ́. Nínú àdírẹ́sì, lẹ́tà mìíràn pátápátá ni. Ẹni tó bá forúkọ ilé sílẹ̀ pẹ̀lú `ọ` ti gba ilé tó yàtọ̀ sí ti `o`, àmì bíńtín abẹ́ rẹ̀ sì lè pòórá sínú ìlà tí fóònù máa ń fà sábẹ́ líǹkì. Wásáàpù mọ̀ nípa ọgbọ́n yìí. Nígbà tó bá rí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, ó lè lẹ àkọlé pupa mọ́ ọn pé líǹkì náà mú ìfura dání. Kí Màmá má dúró de àkọlé náà. Àdírẹ́sì báǹkì wa àti ti ìjọba wa kì í ní àmì lábẹ́ lẹ́tà. Ibi tí wọ́n bá ti rí i, kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́.

Àwọn kan ti kọ́ àwọn òbí wọn pé kí wọ́n máa wo àmì kọ́kọ́rọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì. Ẹ̀kọ́ náà ti gbó. Ohun tí kọ́kọ́rọ́ ń sọ ni pé ẹlòmíràn kò lè yọjú wo ohun tó ń lọ láàárín fóònù àti ojú ewé náà. Tó bá jẹ́ pé olè ló ni ojú ewé, a jẹ́ pé àwa àti olè nìkan là ń sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Ní 2023, Gúgù yọ kọ́kọ́rọ́ náà kúrò nínú Chrome, ó fi àmì mìíràn rọ́pò rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ti sọ ọ́ di ẹ̀rí ìwà rere.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ọfà. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ti ọwọ́ ẹlòmíràn gbà máa ń ní ọfà kan lórí. Tó bá ti kọjá lọ́wọ́ èèyàn márùn-ún ó kéré tán, ọfà á di méjì, wọ́n á sì kọ `Forwarded many times` sí i. Ó dára láti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n àìsí ọfà kò fi hàn pé ọmọ àbúrò Màmá ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀. Bọ́tìnì aláwọ̀ ewé tí a sọ lẹ́ẹ̀kan kì í tari ọ̀rọ̀ àtijọ́ síwájú. Tuntun ló ń kọ ní gbogbo ìgbà. Ọ̀rọ̀ tó ti la Nàìjíríà kọjá lè dé gúrúùpù ẹbí láìní ọfà kankan.

Ìdí nìyí tí ìgbésẹ̀ tó kàn fi jẹ́ ti ẹnu. Kí Màmá pe ọmọ náà lórí fóònù, kí wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀. Kí wọ́n má bi í pé "ṣé òótọ́ ni?" torí òun náà gbà pé òótọ́ ni. Ìbéèrè tó ń tú àṣírí yàtọ̀.

"Ṣé owó náà ti wọ àkáǹtì rẹ?"

"Rárá o, Mà. Wọ́n ní tí mo bá ti fi ránṣẹ́ tán ni."

"Ta ló fi ránṣẹ́ sí ọ?"

"Gúrúùpù ṣọ́ọ̀ṣì wa ni, Mà."

Ọ̀rọ̀ parí níbẹ̀. Tó bá sì jọ pé nǹkan gidi ni, kí Màmá gba ẹnu ọ̀nà mìíràn wọlé: nọ́ńbà báǹkì tó wà lẹ́yìn káàdì ATM wọn, tàbí ẹ̀ka báǹkì tó wà ládùúgbò. Owó tó jẹ́ òótọ́ kò ní sá lọ kí Màmá tó dé ibẹ̀.

Líǹkì mìíràn wà tí kò sọ̀rọ̀ owó rárá, mo sì rò pé òun ló burú jù láàárín ẹbí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá ọmọ mi dìbò, ó wà nínú ìdíje ní iléèwé." Ta ni kò ní ṣe é? Ojú ewé náà á béèrè nọ́ńbà fóònù, kí ó lè ka ìbò. Kété lẹ́yìn náà, nọ́ńbà mẹ́fà á wọlé sórí fóònù Màmá, wọ́n á ní kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ láti fi parí ìdìbò. Nọ́ńbà mẹ́fà yẹn ni Wásáàpù fi ń mọ ẹni tó ni àkáǹtì. Ẹni tó bá gbà á ti gba Wásáàpù Màmá nìyẹn. Láàárín wákàtí kan, "Màmá" á máa tọrọ ₦80,000 nínú gúrúùpù ẹbí láti fi sanwó òògùn, pẹ̀lú fọ́tò Màmá àti gèlè wọn. Ibẹ̀ sì ni líǹkì ìdìbò náà á gbà tàn dé ọ̀dọ̀ àwọn yòókù. Nígbà mìíràn lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́jọ ni wọ́n máa ń gbé fún Màmá pé kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú Wásáàpù. Ìyẹn ń so kọ̀ǹpútà olè mọ́ àkáǹtì náà, Màmá á sì máa lò ó lọ láìmọ̀ pé ẹnì kan ń bá wọn kà á.

Ilẹ̀kùn kan wà tí ọmọ lè bá wọn tì. Nínú Wásáàpù, `Settings`, `Account`, `Two-step verification`: ibẹ̀ ni Màmá á ti yan nọ́ńbà mẹ́fà mìíràn tí àwọn nìkan mọ̀. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá jí nọ́ńbà àkọ́kọ́ gbà kò ní lè wọlé láìsí ìkejì. Kò dí ọ̀nà kọ̀ǹpútà tí wọ́n so mọ́ ọn o. Ìyẹn ń fẹ́ kí wọ́n máa yẹ `Linked devices` wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tí wọ́n kò bá mọ̀ tó wà níbẹ̀, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n sì mú `Log out`.

Yàtọ̀ sí líǹkì, fáìlì pẹ̀lú máa ń dé sínú gúrúùpù. Ní 2024, àwọn ọlọ́pàá ní India kìlọ̀ nípa ìwé ìpè ìgbéyàwó tó ń wá lórí Wásáàpù, tí ìparí orúkọ rẹ̀ jẹ́ `.apk`. Ìwé ìpè kì í ní `.apk`. Áàpù tí wọ́n fẹ́ kó wọ inú fóònù ni, ó sì lè máa ka àtẹ̀jíṣẹ́ báǹkì. Nílẹ̀ tí a ti ń gba ìwé ìpè òde àríyá lọ́sẹ̀ bí ẹni gba ìwé ìròyìn, ó yẹ kí a mọ lẹ́tà mẹ́ta yẹn dunjú. Àwòrán tàbí `.pdf` ni ìwé ìpè máa ń jẹ́. Tí fóònù bá béèrè bóyá kó gba áàpù láti ibi tí kò mọ̀, kí Màmá kọ̀.

Bí Màmá bá ti tẹ líǹkì kí wọ́n tó ka gbogbo èyí ńkọ́? Tí wọ́n bá kàn ṣí i, tí wọn kò kọ nǹkan kan síbẹ̀, tí wọn kò sì gba áàpù kankan, ó ṣọ̀wọ́n kí ohun kan ṣe wọ́n. Kí wọ́n pa á dé, kí wọ́n sì sọ fún ọmọ. Kí ọmọ má jágbe mọ́ wọn o, torí ìyá tí wọ́n bú lónìí kò ní sọ ti ọ̀la fún ẹnikẹ́ni, wákàtí àkọ́kọ́ ló sì níye lórí jù.

Tó bá jẹ́ BVN nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀, nọ́ńbà mọ́kànlá yẹn nìkan kò lè fa owó yọ, ṣùgbọ́n olè lè fi pe Màmá bíi pé báǹkì ló ń pè, kó máa ka nọ́ńbà wọn fún wọn kí wọ́n lè gbà á gbọ́. Kí wọ́n retí ìpè náà, kí wọ́n sì gé e. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà káàdì tàbí ti ìkọ̀kọ̀ ni, báǹkì ni kí wọ́n pè lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n ti káàdì àti àkáǹtì pa, kí wọ́n tó ro ohunkóhun mìíràn.

Tó bá jẹ́ Wásáàpù ló lọ, kí Màmá tún fi nọ́ńbà wọn wọlé lórí fóònù tiwọn. Nọ́ńbà mẹ́fà tuntun á wá lórí àtẹ̀jíṣẹ́. Bí wọ́n bá ti kọ ọ́ sínú Wásáàpù gan-an, olè á já bọ́ síta. Bí olè bá ti gbé nọ́ńbà ìkejì tirẹ̀ sí i, Màmá lè ní láti dúró fún ọjọ́ méje kí wọ́n tó lè máa lò ó padà, ṣùgbọ́n olè náà kò ní lè lò ó mọ́ ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn. Láàárín àkókò náà, kí ọmọ kan fi ohùn rẹ̀ sínú gúrúùpù ẹbí, ti ṣọ́ọ̀ṣì àti ti ẹgbẹ́ aláṣọ ẹbí, pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi owó ránṣẹ́ sí Màmá, kí wọ́n sì pa líǹkì náà rẹ́ níbi gbogbo tó ti dé.